Iye Ènìyàn Kọ́ Ló Ń Sọ Ọ̀rọ̀ Di Tíọ́rì

Láàárín àwọn tí ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọgbọ́n ìwádìí ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga Nàìjíríà, èrò kan ti fìdí múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò mọ́: pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde lọ sí pápá, ó gbọ́dọ̀ ti kọ iye ènìyàn tí yóò fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò sílẹ̀, kí ó kó ọ̀rọ̀ gbogbo wọn jọ tán, kí ó tó wá jókòó láti wá ìtumọ̀ sí ohun tí wọ́n sọ. Àwọn tí ó di èrò yìí mú gbà pé òun ni ó ń dáàbò bo ìwádìí lọ́wọ́ ojúsàájú, àti pé ẹni tí kò bá lè dárúkọ iye kan kò tíì mọ ohun tí ó fẹ́ ṣe. Fún ìwádìí tí ó fẹ́ ka nǹkan, ètò náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi agbára gbé e ka orí ọ̀nà ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní gíráúńdẹ̀dì tíọ́rì pẹ̀lú, èyí tí àròkọ yìí yóò máa pè ní tíọ́rì àtilẹ̀hù, nítorí pé olùwádìí kì í ti ilé gbé àlàyé lọ sí pápá láti dán an wò, bí kò ṣe pé àlàyé náà ń hù jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú ohun tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń ṣe àti ohun tí wọ́n ń sọ. Níbẹ̀ ni ètò náà ti ń ṣe ìpalára, nítorí pé ó ya kíkó ẹ̀rí jọ kúrò lára ríronú lórí ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ sì ni ìsopọ̀ àwọn méjèèjì gan-an ni ọ̀nà yìí.

Barney Glaser àti Anselm Strauss ni wọ́n ṣàlàyé ọ̀nà náà nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1967, lẹ́yìn iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ní àwọn ilé ìwòsàn agbègbè San Francisco ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń wo bí dókítà, nọ́ọ̀sì, aláìsàn àti ẹbí ṣe ń bá ara wọn lò nígbà tí ikú bá ti sún mọ́ tòsí. Ohun tí ó yẹ kí olùwádìí tuntun fiyè sí jù lọ ni bí wọ́n ṣe ń yan wọ́ọ̀dù tí wọn yóò wọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ lọ sí ibi tí ẹni tí ó ń kú kò ti lè mọ̀ pé òun ń kú, ìyẹn wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí a bí láìpé oṣù, lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, níbi tí ọ̀pọ̀ aláìsàn ti wà ní àìmọra; nígbà tí ó yá, wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá jà, nítorí pé níbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ń retí ikú, bí aláìsàn fúnra rẹ̀ tilẹ̀ lè má retí rẹ̀, ikú sì ń falẹ̀; wọ́n sì tún lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, níbi tí ikú ti ń yára dé láìròtẹ́lẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́ọ̀dù kan bá gbé dìde ni ó ń tì wọ́n lọ sí òmíràn: ta ni ó mọ̀ pé ikú ń bọ̀, ta ni kò mọ̀, ta ni ó mọ̀ tí ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀? Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ya ipò mẹ́rin sọ́tọ̀, ti aláìsàn tí kò mọ̀ rárá, ti ẹni tí ó ń fura, ti ẹni tí òun àti àwọn olùtọ́jú rẹ̀ jọ mọ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n jọ ń díbọ́n, àti ti àwọn tí wọ́n jọ ń sọ ọ́ ní gbangba. Irú yíyàn báyìí, nínú èyí tí ohun tí ó ń hù nínú ẹ̀rí ń sọ ibi tí ó kàn láti lọ, ni a ń pè ní àṣàyàn atẹ̀lé-tíọ́rì. Kò sí ẹni tí ó lè to irú rẹ̀ tán ṣáájú ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé ohun tí yóò darí rẹ̀ kò tíì sí lọ́jọ́ náà.

Ọ̀nà méjì ni iye tí a ń kọ sílẹ̀ ṣáájú sábà máa ń gbà wọ inú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ti àkọ́kọ́ ni ìlànà ìṣirò Taro Yamane, n = N / (1 + Ne²), tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tọ́ka sí láti inú ìwé rẹ̀ ti 1967, ọdún kan náà tí ìwé Glaser àti Strauss jáde. Nínú ìlànà yìí, N ni àpapọ̀ iye àwọn ènìyàn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn, e sì ni àṣìṣe tí a gbà láàyè. Bí wọ́n bá jẹ́ 2,000, tí àṣìṣe náà sì jẹ́ 0.05, ìṣirò náà yóò ní kí a bá ènìyàn 333 sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí a dá a fún ni láti fojú díwọ̀n ìpín àwọn tí ó ní ìwà kan láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a mọ iye wọn. Bí àpẹẹrẹ, kò sí ìwé kankan tí a ti lè rí iye àwọn obìnrin tí ń kó ọjà gba ọ̀nà igbó láàárín Ìlárá, Ọjà-Ọ̀dàn àti ilẹ̀ Bìnì Rìpọ́bílíìkì, nítorí náà N tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ, àfinúrò lásán ni, ohun tí ó bá sì ti inú àfinúrò jáde kò ní di òtítọ́ nítorí pé a fi ìṣirò yọ ọ́.

Ọ̀nà kejì fara jọ ẹ̀kọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìdí nìyẹn tí ó fi léwu jù. Ní 2006, Greg Guest, Arwen Bunce àti Laura Johnson tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n lo ọ̀rọ̀ ọgọ́ta obìnrin ní Gánà àti Nàìjíríà láti wá ibi tí kókó ọ̀rọ̀ tuntun ti dẹ́kun jíjáde, wọ́n sì rí i pé nígbà tí wọn yóò fi dé orí ẹni kejìlá, èyí tí ó pọ̀ jù nínú kókó náà ti jáde. Láti ìgbà náà ni "ènìyàn méjìlá tó" ti di òfin lẹ́nu ọ̀pọ̀ alábòójútó. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ náà, àwọn obìnrin tí ipò wọn jọra ni wọ́n yàn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń bi gbogbo wọn, kókó ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì ń ka. Àwọn tí ó kọ ọ́ fúnra wọn kìlọ̀ pé àwọn ohun wọ̀nyí ni ó mú kí méjìlá tó. Tíọ́rì àtilẹ̀hù, ní tirẹ̀, máa ń mọ̀ọ́mọ̀ wá àwọn tí kò jọra, ó sì máa ń yí ìbéèrè rẹ̀ padà bí ó ti ń lọ. Kò sí bí iye tí ó jáde láti inú irú èkíní ṣe lè di òṣùwọ̀n fún irú kejì.

Ohun tí ètò "kó jọ tán ná" ń bà jẹ́ yóò hàn bí a bá tẹ̀lé iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Oṣù Kẹjọ 2019, ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ Nàìjíríà pa. Ní Oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n kéde ṣíṣí mẹ́rin nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹnubodè Ìdí-Ìrókò kò sí lára wọn, ó di Oṣù Kẹrin 2022 kí wọ́n tó kéde ṣíṣí tirẹ̀. Kí a gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìlaròó fẹ́ mọ bí àwọn obìnrin oníṣòwò ilẹ̀ Yewa ṣe gbé òwò wọn ró ní àkókò náà. Àpẹẹrẹ tí a gbé kalẹ̀ láti fi ọ̀nà hàn ni ohun tí ó tẹ̀ lé èyí, kì í ṣe àbájáde ìwádìí tí ẹnikẹ́ni ti ṣe.

Ẹni àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá sọ̀rọ̀ jẹ́ ìyá kan tí ń ta ìrẹsì, ó sì sọ fún un pé àna òun tí ó wà ní Pobẹ̀ ni ó ń fún òun ní ọjà ní àwìn nígbà tí ẹnubodè fi wà ní títì, àti pé nígbà tí àwọn aṣọ́bodè gba àpò mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tí ó ń fi ọ̀kadà gbé e bọ̀, àna náà ní kí òun san owó àpò kan ààbọ̀ péré. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni iṣẹ́ yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò ka ohun tí ó dà kọ láti ẹnu ìyá náà ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, yóò sì fún ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní kóòdù, ìyẹn orúkọ kúkúrú tí ó sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. "Ẹbí" kì í ṣe kóòdù tí ó dára, nítorí pé àkọlé lásán ni. "Gbígba ọjà láìsan owó sílẹ̀" àti "pípín àdánù sí méjì" dára jù ú lọ, nítorí pé ìṣe ni wọ́n ń sọ, ìṣe sì ni a lè fi wé ìṣe mìíràn.

Ẹni kejì jẹ́ obìnrin tí ń ta aṣọ ní Ọjà-Ọ̀dàn, tí kò ní ìbátan kankan ní òdìkejì, ṣùgbọ́n tí oníbàárà kan tí wọ́n ti jọ ń ná ọjà láti ìgbà pípẹ́ náà gbà láti ru ìdajì nígbà tí ẹrù rẹ̀ ṣòfò. Níhìn-ín ni ìfiwéra àìdábọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí í ṣe fífi ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan wé gbogbo èyí tí ó ti wà lábẹ́ kóòdù kan náà kí a tó kó o pọ̀ mọ́ wọn. Ìbéèrè tí a ń bi ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì ni pé kí ni ó bá ara mu nínú wọn, kí ni ó yàtọ̀, àti pé ìyàtọ̀ náà ha kan àlàyé bí? Wọ́n bá ara mu nínú pípín àdánù. Wọ́n yàtọ̀ nínú okùn tí ó so àwọn méjèèjì pọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, "pípín àdánù" ti kúrò ní kóòdù, ó ti ń di ìsọ̀rí, ìyẹn èrò tí ó ga ju ìṣẹ̀lẹ̀ kan lọ tí ó sì ní àwọn àbùdá tirẹ̀: ìgbà tí wọ́n fẹnu kò lórí rẹ̀, bóyá ṣáájú ìrìn àjò tàbí lẹ́yìn tí ẹrù ti lọ, ẹni tí ó jẹ́rìí sí i, bóyá owó náírà ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀ tàbí owó sẹ́fà.

Bí èyí bá ti hàn sí akẹ́kọ̀ọ́ náà, ó gbọ́dọ̀ dá gbogbo iṣẹ́ mìíràn dúró kí ó sì kọ mẹ́mò. Mẹ́mò jẹ́ àkọsílẹ̀ tí olùwádìí ń kọ fún ara rẹ̀ nípa èrò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí i lọ́kàn, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó kọ ọ́, ìsọ̀rí tí ó kàn, àti ọ̀rọ̀ ẹnu tí ó bí i. Kò ní láti dán, kò sì sí ẹni tí yóò fún un ní máàkì. Ti ọjọ́ náà lè kà báyìí: "Pípín àdánù. Ìyá oníirẹsì ní àna, aláṣọ kò ní ẹnìkankan, síbẹ̀ àwọn méjèèjì pín in. Ṣé ẹbí ni ó fa pípín náà, tàbí ohun mìíràn tí ẹbí jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀nà tí ó ń gbà wá? Kí ni ẹni tí ó wà ní òdìkejì ń jèrè nínú rẹ̀? Ó yẹ kí a rí ẹni tí ó ní ẹbí níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó dá ru àdánù rẹ̀." Mẹ́mò yìí kò tún ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni sọ. Ó béèrè ìbéèrè, ó sì dárúkọ irú ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Ẹni tí ó bá kọ ojú ìwé mẹ́wàá tí ó kàn ń ṣàkótán ohun tí ìyá oníirẹsì sọ kò tíì kọ mẹ́mò.

Ẹni kẹta tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá kò ní jẹ́ oníirẹsì mìíràn tí ó jọ ti àkọ́kọ́. Mẹ́mò ti sọ ẹni tí ó jẹ́: obìnrin tí ó ní ìbátan ní òdìkejì, tí ẹrù rẹ̀ sì ṣòfò tí kò sí ẹni tí ó bá a pín in. Bí ó bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Ìlárá, tí ìyẹn sì sọ pé òun ti sọ fún ẹ̀gbọ́n òun ní Kétu pé òun fẹ́ fi òwò náà sílẹ̀ kí òun máa dáko, kí ẹrù tó ṣòfò, nígbà náà ni àlàyé yóò yí padà. Ẹbí wà níbẹ̀, síbẹ̀ kò sí pípín. Ohun tí kò sí ni òwò mìíràn tí ó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè wá dábàá pé ibi tí ẹni méjèèjì bá ti ń retí láti tún jọ ná ọjà ni wọ́n ti ń pín àdánù, àti pé ẹbí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ń fi ẹsẹ̀ ìrètí náà múlẹ̀, kì í ṣe òun ni ó ń fa pípín. Àbá yìí náà yóò tún lé e kúrò níbi tí ó wà: yóò wá olówò tòmátì, nítorí pé ẹrù tí ó ń tètè bàjẹ́ kò fún ìjíròrò láyè, yóò wá ọlọ́kadà, nítorí pé òun ni ó ń dojú kọ aṣọ́bodè láìní ẹrù tirẹ̀, yóò lọ sí Ayétòrò láti bá àwọn tí ń kó gààrí lọ sí òdìkejì sọ̀rọ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá pípín náà rí bákan náà nígbà tí ọjà bá ń jáde lọ dípò kí ó máa wọlé.

Kí a wá fi akẹ́kọ̀ọ́ yìí wé ẹni tí wọ́n ti fún ní méjìlá. Òun yóò ti kọ ìbéèrè rẹ̀ ní ilé, ó ṣeé ṣe kí orí kejì ìwé rẹ̀ ti sọ pé ìbátan ni ó ń gbé òwò ẹnubodè ró, nítorí pé òtítọ́ ni pé àwọn ènìyàn kan náà ni ààlà pín sí méjì, gẹ́gẹ́ bí Anthony Asiwaju ti fi hàn pẹ̀lú ẹ̀rí tí ó pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn. Yóò bi obìnrin méjìlá tí ń ta ìrẹsì nípa ìbátan wọn, wọn yóò sì dá a lóhùn nípa ìbátan wọn. Ní oṣù kẹta, nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọ̀rọ̀ ní kóòdù, ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí "àpò kan ààbọ̀" nínú ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Kò bi àwọn mọ́kànlá yòókù léèrè nípa rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ti padà sí ilé, owó rẹ̀ ti tán. Ó dà bí ẹni tí kò tọ́ ọbẹ̀ wò títí ó fi bù ú fún àlejò. Ohun tí yóò kọ ni pé ẹbí ṣe pàtàkì, èyí tí ó ti mọ̀ kí ó tó jáde.

Àwọn alátakò ní àtakò kan tí ó lágbára, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn dáadáa. Wọ́n ní bí olùwádìí bá ń yan ẹni tí ó kàn fúnra rẹ̀, àwọn tí yóò gbè é lẹ́yìn ni yóò máa yàn. Ewu náà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àṣàyàn atẹ̀lé-tíọ́rì, bí a bá ṣe é bí ó ti yẹ, ń rán olùwádìí lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó lè fọ́ àbá rẹ̀, bí ó ti rán akẹ́kọ̀ọ́ yìí lọ sí Ìlárá. Mẹ́mò tí ó ní ọjọ́ sì jẹ́ ẹ̀rí tí alábòójútó lè kà: bí ìdí tí a fi yan ẹni kẹta kò bá sí nínú mẹ́mò tí a kọ ṣáájú ọjọ́ tí a bá a sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni lè fura. Iye tí a kọ sílẹ̀ ṣáájú kò fún ni ní irú àyẹ̀wò yìí rárá. Ẹni tí ó sọ pé méjìlá ni òun yóò bá sọ̀rọ̀ lè yan ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ méjìlá ní ọjà kan ṣoṣo, tábìlì inú orí kẹta rẹ̀ yóò sì mọ́ tónítóní.

Wọ́n tún máa ń béèrè pé, bí kò bá sí iye, nígbà wo ni ó ń parí? Ó ń parí nígbà tí ìsọ̀rí bá kún, ìyẹn nígbà tí ẹ̀rí tuntun kò bá fi àbùdá tuntun kún un mọ́, tí a sì ti wá ẹ̀rí náà lọ sí àwọn ibi tí ó yẹ kí àbùdá tuntun ti jáde. Gbólóhùn kejì yẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń gbàgbé. Gbígbọ́ ohun kan náà lẹ́nu oníirẹsì mẹ́fà kò fi hàn pé ìsọ̀rí ti kún, ó kàn fi hàn pé oníirẹsì ni gbogbo wọn. Àmì mìíràn wà tí alábòójútó lè fi mọ̀ pé ohun tí wọ́n gbé wá kì í ṣe tíọ́rì àtilẹ̀hù, ohun yòówù kí àkọlé rẹ̀ máa wí: bí ìbéèrè tí wọ́n bi ẹni ìkẹyìn bá jẹ́ ọ̀kan náà délẹ̀délẹ̀ pẹ̀lú èyí tí wọ́n bi ẹni àkọ́kọ́, kò sí ẹ̀kọ́ kankan tí a rí kọ́ láàárín wọn.

Òótọ́ ni pé àwọn tí ó dá ọ̀nà yìí sílẹ̀ kò wà ní ìṣọ̀kan títí. Ìwé tí Strauss àti Juliet Corbin kọ ní 1990 fi ìgbésẹ̀ púpọ̀ kún iṣẹ́ kóòdù, Glaser sì kọ ìwé ní 1992 láti takò ó pé ó ń fi agbára ti ẹ̀rí sínú àpótí. Kathy Charmaz náà gba ọ̀nà mìíràn ní 2006. Ìjà náà ṣe pàtàkì fún àwọn àgbà nínú ìmọ̀ náà. Fún olùwádìí tuntun, ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó gbà kí a kó ẹ̀rí jọ tán kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n wé ara wọn.

Ọ̀nà náà ní ààlà tirẹ̀. Kò lè sọ ìdá mélòó nínú àwọn obìnrin Yewa ni ó ń pín àdánù. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyẹn gbọ́dọ̀ wá àkọsílẹ̀ iye ènìyàn, kí ó sì lo ìwé ìbéèrè àti ìṣirò tí ó tọ́ sí i. Ó tún ń béèrè àkókò, nítorí pé alẹ́ tí ó tẹ̀ lé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kọ̀ọ̀kan jẹ́ alẹ́ iṣẹ́. Ní ilẹ̀ ẹnubodè, níbi tí òwò kan náà ti lè jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ lójú oníṣòwò kí ó sì jẹ́ fàyàwọ́ lójú òfin, mẹ́mò lè di ẹ̀rí tí wọn yóò fi mú ènìyàn, nítorí náà orúkọ ènìyàn àti orúkọ ọ̀nà igbó kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ tí ń fọwọ́ sí àbá ìwádìí ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè sọ ọ́ láìparọ́: kí ó kọ irú ẹni tí yóò kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ àti ìdí rẹ̀, kí ó kọ bí yóò ṣe máa yan èyí tí ó bá tẹ̀ lé e, kí ó sì dárúkọ iye tí kò ní kọjá nítorí àkókò àti owó. Kí ìgbìmọ̀ gba irú àlàyé bẹ́ẹ̀ wọlé gẹ́gẹ́ bí ètò tí ó pé. Kí alábòójútó sì béèrè fún mẹ́mò mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ó kà wọ́n, kí ó bá akẹ́kọ̀ọ́ jiyàn lórí wọn, kí ó tó jẹ́ kí ó lọ bá ẹni kẹrin.